Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Kò Tó Nínú Ìwé Ọ́dà

 

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kò ti inú ìwé gírámà wá. Ọ̀rọ̀ búlọ́ọ̀kù ni. Ó ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò wa ní Egan, ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, ní oṣù Èrèlé ọdún 2025. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé òpópónà wa. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ ní kí n fi ímeèlì ránṣẹ́ sí obìnrin kan tí ó ní ilé iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù kí ó bá wa kó ẹrù wá, nítorí a fẹ́ mọ ọgbà yí ilẹ̀ ẹgbẹ́ ká. Mo kọ ímeèlì náà ní Yorùbá, nítorí Yorùbá ni a jọ ń sọ, Yorùbá ni mo sì ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn. Ohun tí ó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ fẹ́rẹ̀ẹ́ mú kí ẹgbẹ́ wa fòfin de Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ owó pátápátá.

Èrò mi ni pé èdè wa kò jẹ̀bi rárá. Ẹni tí ó kọ ọ́ ni ó jẹ̀bi, èmi gan-an sì ni ẹni náà. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Ìmọ́lẹ̀ kò tíì tàn dáadáa ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, 3 Èrèlé, nígbà tí mo tẹ ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù mi, láìfi àmì sí i, nítorí mo ń kánjú lọ síbi iṣẹ́:

> E kaaro ma. E ku ise, e ku itoju ile. E jowo, e ba wa ko bulooku egbefa wa si Egan ni ojo kesan-an. A ti san 200,000 sile, a o san iyoku leyin ogbon ojo. E se o.

Èsì dé kí ọ̀sán tó pọ́n: “A ti ri i, sa.” Ọkàn mi balẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Èrèlé, bíríkìlà mẹ́ta àti lébìrà méjì dé sórí ilẹ̀ ní aago méje àárọ̀. Búlọ́ọ̀kù kò dé. Wọ́n jókòó títí di ìrọ̀lẹ́, wọ́n sì gba owó iṣẹ́ ọjọ́ wọn, nítorí ẹ̀bi wọn kọ́. Ní ọjọ́ kejì, ọkọ̀ kan já ọ̀ọ́dúnrún búlọ́ọ̀kù síwájú ọgbà wa, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ síìsì íǹṣì. Náìnì íǹṣì ni a fẹ́, 1,200 sì ni a fẹ́.

Nígbà tí a ṣe ìpàdé, Bàbá Alága wò mí, wọ́n ní: “Ọ̀mọ̀wé, a mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn èdè wa. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti kan owó, ẹ máa fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́.” Ọ̀pọ̀ ènìyàn mi orí sí i. Owó ọjọ́ kan ti àwọn bíríkìlà yẹn, àpò mi ni mo ti san án. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bàbá ni ó dùn mí ju owó lọ, mo sì bẹ ìpàdé pé kí wọ́n fún mi láàyè láti tún ọ́dà kan ṣoṣo kọ ní Yorùbá.

Kí n tó kọ ọ́, mo gbé ímeèlì àkọ́kọ́ kalẹ̀ bí ìgbà tí mo ń yẹ iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wò. Àṣìṣe mẹ́rin ni mo rí.

Èkíní wà nínú iye. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ònkà wa mọ̀ pé igba mẹ́fà ni ẹgbẹ̀fà, ìyẹn 1,200. Ẹgbàá mẹ́fà ni ẹgbàafà, ìyẹn 12,000. Ẹgbẹ̀ta ni 600, ẹgbàata ni 6,000. Ìwọ̀n ìlọ́po mẹ́wàá ni ó wà láàrin ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan àti ìkejì rẹ̀, bẹ́ẹ̀ fáwẹ̀lì àárín àti àmì orí rẹ̀ ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí a bá kọ wọ́n láìsí àmì, tí ìka sì ṣèèṣì lórí fóònù, odidi ọjà ńlá lè bá a lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí gan-an ni ó ṣẹlẹ̀ sí wa. Ọmọ ìyá oníbúlọ́ọ̀kù, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń ka ímeèlì fún wọn, kò gbọ́ ẹgbẹ̀fà rí. “Fà” tí ó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà ni ó rí, ó rántí ẹ̀fà, ó sì pinnu pé búlọ́ọ̀kù síìsì íǹṣì ni a ń béèrè. Nítorí pé ó gbà pé a kò sọ iye, ó kó ẹrù ọkọ̀ kan wá ná.

Ẹ má ṣe bú ọmọ náà. Nínú òwò búlọ́ọ̀kù, nọ́ḿbà ni orúkọ ọjà. Síìsì íǹṣì àti náìnì íǹṣì ni à ń pè é, ìyẹn sì ni bí búlọ́ọ̀kù náà ṣe nípọn sí. Gígùn àti gíga méjèèjì kò yàtọ̀: 450 mìlímítà ní gígùn, 225 mìlímítà ní gíga. Ìnípọn ọ̀kan jẹ́ 150, ti èkejì jẹ́ 225. Nítorí náà, bí ọgbà ṣe gùn tó kò lè tú àṣìṣe yìí fó. Ọgbà wa gùn ní mítà 60, a sì fẹ́ kí ó ga tó ìlà mẹ́sàn-án, èyí tí ó lé díẹ̀ ní mítà méjì. Ìlà kan yóò gba búlọ́ọ̀kù 133 àti díẹ̀. Bí a bá sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́sàn-án, ó di 1,200. Bí ó jẹ́ síìsì ni, bí ó jẹ́ náìnì ni, iye kan náà ni yóò jáde. Ọwọ́ ẹni tí ó kọ ìwé nìkan ni oníṣòwò ti lè mọ èyí tí a fẹ́. Iye gbọdọ̀ dá dúró, ìwọ̀n ọjà gbọdọ̀ dá dúró, kí a sì kọ iye ní fígọ̀ àti ní ọ̀rọ̀.

Èkejì wà nínú ọjọ́, òun ni mo sì rò pé yóò dùn mọ́ ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ jùlọ. Mo kọ “ọjọ́ kẹsàn-án”. Mo kà á bí àwọn bàbá wa ṣe ń kà á: ọjọ́ Ajé tí mo kọ̀wé ni ọjọ́ kìíní, nítorí náà ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Èrèlé, ni ọjọ́ kẹsàn-án. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn kà á bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní ilé ìwé: ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Èrèlé, ni ó fi ṣe ọjọ́ kìíní, ó sì bọ́ sí ọjọ́rú, 12 Èrèlé. Kò pẹ́ dé lójú ara rẹ̀. Ọjọ́ pé e gẹ́gẹ́.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ tí ó wà lẹ́nu wa lójoojúmọ́. Ọjọ́ tí ó ṣáájú àná ni ìjẹta, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ méjì péré ni ó ti kọjá. Ẹ̀ta tí ó wà nínú rẹ̀ fi hàn pé a ka òní mọ́ ọn. Ọjà ọrún-ọrún ni à ń pè é, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́rin ni ó wà láti ọjọ́ ọjà kan sí òmíràn. Ìpàdé tí à ń ṣe ní ìtàdógún ń padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rìndínlógún. Ẹni tí ó bá sì ní “ọjọ́ mẹ́jọ òní”, ọjọ́ tí ó jọ òní ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ ni ó ń sọ.

Àwa nìkan kọ́ ni a ń kà báyìí. Àwọn Faransé náà máa ń sọ “ọjọ́ mẹ́jọ” nígbà tí wọ́n bá ní ọ̀sẹ̀ kan lọ́kàn, wọ́n á sì sọ “ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún” fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nítorí náà, ó ṣeé ṣe kí ọmọ Yorùbá Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin, tí ó ka ìwé ní èdè Faransé, lóye ọjọ́ mẹ́jọ wa ju ọmọ Alímọ̀ṣọ́ tí ó ka ìwé ní Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ònkà méjì ni ó ń gbé inú ilé kan náà ní Èkó lónìí, kò sì sí ẹni tí ó mọ èyí tí ẹnìkejì rẹ̀ ń lò títí ọkọ̀ yóò fi kùnà láti dé. Kò sí ìdí láti pa ònkà àwọn bàbá wa tì. Ṣùgbọ́n nínú ìwé ọ́dà, orúkọ ọjọ́, déètì, oṣù àti ọdún ni kí a kọ. Kí a má ṣe jẹ́ kí oníṣòwò bá wa ka ọjọ́.

Ẹ̀kẹta wà nínú owó. Mo ní a ó san ìyókù “lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́”. Láti ìgbà wo? Láti ọjọ́ tí mo kọ̀wé ni, tàbí láti ọjọ́ tí ẹrù dé, tàbí láti ọjọ́ tí wọ́n kọ ìwé owó fún wa? Mélòó tilẹ̀ ni ìyókù náà? Iye owó búlọ́ọ̀kù kan kò sí nínú ìwé mi. N kò sì sọ ẹni tí yóò san owó ọkọ̀, tàbí bóyá owó orí ọjà tí ìjọba ń gbà, tí ó jẹ́ náírà méje àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún láti oṣù Èrèlé ọdún 2020, wà nínú iye tí a jọ sọ lẹ́nu. N kò sì sọ ẹni tí yóò ru ẹ̀bi búlọ́ọ̀kù tí ó bá fọ́ lọ́nà.

Ẹ̀kẹrin wà nínú èsì. “A ti rí i.” Mo gba gbólóhùn yìí bí ìlérí, kì í sì í ṣe ìlérí. Ẹni tí ó ní òun rí ìwé kò tíì ní òun gbà. Lójú òfin títa ọjà tí a jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ó kọ ìwé ọ́dà sábà máa ń jẹ́ ẹni tí ó na ọwọ́ ni. Àdéhùn kò tíì sí títí ẹnìkejì yóò fi gba ọwọ́ náà. Bí ó bá gbà, ímeèlì méjèèjì lè dúró fún ẹ̀rí nílé ẹjọ́, nítorí abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 fi àyè gba ohun tí a kọ sórí kọ̀ǹpútà, bí a bá tẹ̀lé ìlànà rẹ̀. Ṣùgbọ́n “a ti rí i” kò lè jẹ́rìí sí ohunkóhun ju pé wọ́n rí i lọ.

Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúwàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odidi. Òótọ́ ni nínú ẹjọ́, nínú ìkìlọ̀, nínú ìbáwí ọmọ. Nínú ìwé ọ́dà, àbọ̀ ọ̀rọ̀ a máa di odidi nínú oníkálukú, ṣùgbọ́n odidi ti ọ̀kan kì í jọ ti èkejì. Àbọ̀ tí mo sọ di ọ̀ọ́dúnrún síìsì íǹṣì nínú ọmọ ọlọ́mọ.

Ní ọjọ́ Ajé, 17 Èrèlé, lẹ́yìn tí wọ́n ti kó ti àkọ́kọ́ padà, mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, mo fi àmì sí gbogbo ọ̀rọ̀, mo sì kọ èyí:

> Àkòrí: Ọ́dà kejì – búlọ́ọ̀kù náìnì íǹṣì 1,200 – kí ó dé Egan ní 25 Èrèlé 2025
>
> Ẹ káàárọ̀ o, Mà. Ẹ kú iṣẹ́.
>
> Ẹgbẹ́ wa ń béèrè ọjà yìí lọ́wọ́ yín. Ó rọ́pò ìwé 3 Èrèlé.
>
> 1. Ọjà: búlọ́ọ̀kù náìnì íǹṣì oníhò (450 × 225 × 225 mìlímítà), tí ẹ ti mọ ṣáájú 11 Èrèlé 2025.
> 2. Iye: 1,200 (ẹgbẹ̀rún kan ó lé igba).
> 3. Owó: ₦700 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ ₦840,000. Owó ọkọ̀, owó ìjáwó ẹrù àti owó orí ọjà ti wà nínú rẹ̀.
> 4. Ọjọ́ tí ẹrù yóò dé: ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25 Èrèlé 2025, láàrin aago méje àárọ̀ sí aago méjìlá ọ̀sán, sórí ilẹ̀ ẹgbẹ́ wa.
> 5. Kíkà: awakọ̀ yín àti aṣojú wa yóò jọ ka ẹrù lórí ilẹ̀, wọn yóò sì jọ fọwọ́ sí wébíìlì. Èyí tí kò fọ́ nìkan ni a ó sanwó rẹ̀.
> 6. Sísan owó: ₦200,000 ti wà lọ́wọ́ yín. A ó san ìyókù sínú àkáǹtì ilé iṣẹ́ yín, kò sì ní kọjá Ọjọ́bọ̀, 27 Ẹrẹ́nà 2025, ìyẹn ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ́yìn tí ẹrù bá dé.
>
> Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá wa lóhùn kí ilẹ̀ ọjọ́rú, 19 Èrèlé, tó ṣú. Bí ẹ bá gbà, ẹ kọ “A gbà á”. Bí ohun kan bá wà tí kò rọ̀ yín lọ́rùn, ẹ sọ ọ́, kí a jọ tún un ṣe.
>
> Akọ̀wé Ẹgbẹ́ Onílé

Ẹ kíyè sí i pé n kò kọ ẹgbẹ̀fà. Ó dùn mí díẹ̀, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ̀rún kan ó lé igba náà jẹ́ Yorùbá, ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn sì gbọ́ ọ. Ẹ tún kíyè sí i pé mo fi ọjọ́ tí wọ́n mọ búlọ́ọ̀kù sí i. Sìmẹ́ǹtì kì í gbó lọ́jọ́ kan; búlọ́ọ̀kù tí wọ́n mọ lánàá, tí wọn kò bu omi fún, yóò máa fọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó ń já a. Ọjọ́ mẹ́rìnlá kò pọ̀ jù láti béèrè.

Ẹ wo ẹsẹ̀ kẹfà dáadáa. “Ọgbọ̀n ọjọ́” tí mo kọ́kọ́ kọ ì bá ṣeé kà sí 19 Ẹrẹ́nà fún ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí a kọ̀wé, tàbí 26 Ẹrẹ́nà fún ẹni tí ó bá ka ọjọ́ tí ẹrù dé mọ́ ọn, tàbí 27 Ẹrẹ́nà fún ẹni tí kò kà á mọ́ ọn. Nígbà tí a ti kọ déètì, ìjà mẹ́ta kú.

Èsì dé ní ọjọ́ kejì. Kì í ṣe “a ti rí i” mọ́. Ìyá oníbúlọ́ọ̀kù fúnra wọn ni wọ́n pe ọ̀rọ̀ náà fún ọmọ wọn tí ó tẹ̀ ẹ́: “A gbà á, Ọ̀mọ̀wé, ṣùgbọ́n 800 ni ó ti gbó nílẹ̀. A ó kó 800 wá ní 25 Èrèlé, a ó kó 400 tí ó kù wá ní Ọjọ́bọ̀, 27 Èrèlé.”

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Wọ́n á rí “a gbà á”, wọn kò ní ka “ṣùgbọ́n” tí ó tẹ̀lé e. Ẹni tí ó gbà pẹ̀lú “ṣùgbọ́n” kò tíì gba ohun tí o bèèrè. Ohun tuntun ni ó gbé wá, ìwọ ni ó kù tí yóò gbà tàbí kọ̀. Bí n bá dákẹ́, ọgbọ̀n ọjọ́ tún ti di àríyànjiyàn: ṣé láti ìgbà tí 800 dé ni, tàbí láti ìgbà tí 400 dé? Mo bá àwọn bíríkìlà sọ̀rọ̀, wọ́n ní 800 tó wọn lò fún ọjọ́ méjì. Mo wá dá ìyá lóhùn pé: “A gbà á bẹ́ẹ̀, Mà. Ọjọ́ tí owó kò gbọdọ̀ kọjá yí padà sí Àbámẹ́ta, 29 Ẹrẹ́nà 2025. Ohun gbogbo tí ó kù dúró bí a ṣe kọ ọ́.”

Ẹrù dé ní ọjọ́ méjèèjì. A kà á, mọ́kànlá fọ́, a kọ ọ́ sórí wébíìlì, awakọ̀ fọwọ́ sí i. A san owó 1,189, ìyẹn ₦832,300. Nígbà tí a yọ ₦200,000 kúrò, ₦632,300 ni ó wọ àkáǹtì wọn kí ọjọ́ tó pé. Kò sí ẹni tí ó gbé ohùn sókè.

Ní ìpàdé tí ó tẹ̀lé e, mo ka ímeèlì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sókè. Bàbá Alága gbọ́ ọ tán, wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá ní kí n tẹ ìwé náà jáde kí n fi sínú fáìlì, nítorí a ó ra géètì ní oṣù tí ń bọ̀. Wọn kò sọ ohunkóhun nípa Gẹ̀ẹ́sì mọ́.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ fún yín pé Yorùbá kò lè ru ọ̀rọ̀ òwò, ẹ ní kí ó fi ìwé tí ó já a kulẹ̀ hàn yín. Ẹ wá iye nínú rẹ̀, ẹ wá déètì, ẹ wá ọjọ́ tí ọgbọ̀n ọjọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Mo rò pé ohun tí ẹ ó bá níbẹ̀ ni ohun tí mo bá nínú tèmi: àbọ̀ ọ̀rọ̀. Bí ẹ bá túmọ̀ ímeèlì mi àkọ́kọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì, àwọn bíríkìlà yóò ṣì jókòó láti àárọ̀ di alẹ́.

Ire o.